Bí O Ṣe Lè Kọ Gbogbo Ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sílẹ̀ Láìgbọ́ Ọ̀kan

O ti san owó TOEFL, o ti mú ọjọ́, o sì ti sọ fún gbogbo ará ilé pé Kánádà kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó dára. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni apá ìgbọ́ràn, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sí ọ létí, tí wọ́n á wá da ìbéèrè bò ọ́ nígbà tó bá tán. Wọ́n gbà ọ́ láàyè láti kọ nóòtì. Mo mọ ohun tí o fẹ́: o fẹ́ kí bébà rẹ kún dẹ́nu, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má bọ́ sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ènìyàn fẹ́ nìyẹn. Jókòó, kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ọ́.

Kọ́kọ́ mọ bí ilé ṣe rí. Láti oṣù Keje ọdún 2023 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ETS, àwọn tó ni ìdánwò náà, ń kó sínú apá ìgbọ́ràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 3 sí 5, ìbéèrè 6 ló sì ń tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ni ohùn náà ń dún. O kò lè dá a dúró, o kò lè dá a sẹ́yìn, o kò sì ní rí ìbéèrè kankan títí tí ọ̀jọ̀gbọ́n á fi pa ẹnu dé. Ní 2026 wọ́n yí ìdánwò náà padà, àsọyé inú rẹ̀ sì wá kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Ìlànà mi ń ṣiṣẹ́ nínú èyí tó kúrú náà. Wàá kàn tètè débi tó ń gbé ọ lọ ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán, a ó fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan dánra wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo tò ó pọ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́, ní irú àwọn tó wà nínú ìdánwò gan-an kí wọ́n tó yí i padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí. Èèrà ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tó ń gé ewé ní Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: tún bébà rẹ ṣe.

Wọn kì í jẹ́ kí o mú bébà tàbí pẹ́ńsù tìrẹ wọ sẹ́ńtà. Àwọn ló máa fún ọ. Rúlà náà kò wọlé. Nítorí náà, ní kété tí ohùn bá bẹ̀rẹ̀, fi etí bébà kejì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Fà á kó gún. Kọ déètì sókè lápá ọ̀tún. Kọ àkòrí sáàárín, kí o sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Bí o ti ń ṣe èyí lọ́wọ́, wàá máa gbọ́ ohùn kan tó ń sọ irú kíláàsì tó jẹ́, lẹ́yìn náà wàá gbọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ pé: "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá méjì tó ń ran ara wọn lọ́wọ́. Lónìí mo fẹ́ kí a wo ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn rò pé ẹ̀dá méjì ló wà nínú rẹ̀, tí iye wọn sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń wò ó." Ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ni. Jẹ́ kó kọjá. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ohun tí gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dá lé, tí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì máa ń jẹ́ nípa ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dá lé. Ṣùgbọ́n bébà tí kò ní àkòrí kò ṣeé fi han ènìyàn.

Bí ó bá jẹ́ IELTS lo fi ń gbára dì tẹ́lẹ̀, o mọ̀ pé apá kẹrin ìgbọ́ràn tiwọn náà jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ìbéèrè máa ń wà níwájú rẹ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn bíi nóòtì tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ láti dí. Mú àṣà yẹn wá síbí. Dúró de ìbéèrè kí o tó tẹ́tí sílẹ̀. Kò ní wá. Máa dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, má sì fo ọ̀kankan.

Ibí yìí ni ọkàn ìlànà náà wà, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ bó ti yẹ ń sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ ènìyàn tó ń sáré kọ̀wé lè kọ bíi 25. Ṣírò rẹ̀ wò. Bí ìṣẹ́jú kan bá fi máa pé, o ti fi ọ̀rọ̀ 125 jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní gbèsè. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti sọ ọ̀rọ̀ 600, ìwọ sì ti kọ 100. Àwọn aláìnígbàgbọ́ á ní kí o jáwọ́. Má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ 100 yẹn ni ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, odindi, láìku ẹyọ kan. Ta ló tún ní i bẹ́ẹ̀?

Èrè kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ ń kọ gbólóhùn kan, orí rẹ gbọ́dọ̀ di gbólóhùn náà mú kó má bàa sá lọ. Orí tó bá sì di gbólóhùn kan mú kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba èyí tó ń bọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, o kò ní dààmú nípa ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ lọ́wọ́. Wàá gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, àní wàá mọ̀ bí ó bá wúkọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Bí o bá rí i pé o ti jìnnà sẹ́yìn jù, fò síwájú, kọ ọ̀rọ̀ yòówù tí etí rẹ bá bá pàdé, kí o sì tún fò. Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ ṣe é báyìí, mo sì ka bébà rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ó kà báyìí: "Àwọn èèrà yìí ní, nígbà tí, ewé, ní ti gidi, ọ̀pọ̀ nínú, ó sì jẹ́ pé." Ojú ìwé kan ààbọ̀ ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kọ ọ̀rọ̀ ní pípé.

Má gé ọ̀rọ̀ kúrú. Má lo ọfà. Má lo àmì ìròpọ̀ tàbí ti ìdọ́gba; ìyẹn ti ìṣirò ni. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ pé nǹkan kan fa òmíràn, kọ "ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fa" tán pátápátá. Bí o bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn èdè bàbá rẹ̀, túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí o tó kọ ọ́, kí o sì fi àmì ohùn sórí fáwẹ́lì tó yẹ. Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta, padà lọ wò bóyá o gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ kan.

Orúkọ ni kí o fún ní àyè jù. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀jọ̀gbọ́n máa dárúkọ Escovopsis, afòmọ́ kan tó máa ń jẹ oko àwọn èèrà náà run. Orúkọ tó le báyìí, wọ́n sábà máa ń gbé e sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, nítorí kò sí ẹni tó retí pé kí o mọ sípẹ́lì rẹ̀. Wò ó, kí o sì dà á kọ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Tún un kọ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Bí o bá fi máa parí, ọ̀jọ̀gbọ́n á ti ṣàlàyé ohun tí afòmọ́ náà ń ṣe, ìdí tó fi léwu, àti ohun tí èèrà ń ṣe sí i. Ìwọ ní orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò ní bi ọ́ ní orúkọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tí o bá gbọ́ "ṣùgbọ́n", sinmi.

Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ rí èèrà wọ̀nyí tí wọ́n ń ru ewé lọ sínú ilẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ lọ jẹ ẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní rárá, wọ́n ń fi ewé náà bo òrùlé ilé wọn ni. Ó lo bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá lórí ìyẹn. Ó wá dánu dúró díẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó ní: "Ṣùgbọ́n ní 1874, Thomas Belt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ń ṣọ́ wọn ní Nicaragua, gbé ìwé jáde, ó sì ní iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe. Wọn kì í jẹ ewé náà. Wọ́n ń fi ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin olú sí, olú náà ni wọ́n sì ń jẹ."

Ìwọ ti kọ jíjẹ ewé, o ti kọ òrùlé. Ọwọ́ rẹ ti ń ro ọ́. Ohùn tó dánu dúró yẹn, ó dánu dúró nítorí tìrẹ ni. Gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, na ìka rẹ. Nígbà tí o bá tún gbé e, kọ "Thomas Belt" àti "1874", nítorí orúkọ àti ọdún kò gbọdọ̀ bọ́, kí o sì máa lọ. Ojú ìwé rẹ á wá fi hàn kedere pé èèrà ń jẹ ewé, Belt sì ló rí i.

Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń yí ọ̀rọ̀ padà: "síbẹ̀síbẹ̀", "ohun tó yani lẹ́nu ni pé", "ó wá ku ìṣòro kan". Wọn kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Èèrà ni nǹkan, ewé ni nǹkan. Kọ nǹkan.

Mo ní láti dá ọ dúró níbí kí n kìlọ̀ fún ọ nípa àpẹẹrẹ búburú kan. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí mò ń kọ́ tí kò gba ìkìlọ̀. Nígbà tí ohùn yìí tán, mo gba bébà rẹ̀, ohun tí mo rí nìyí:

èèrà + olú + ??? (ju 2)
ewé: jẹ? X   òrùlé? X
ṢGB Belt: ewé = ilẹ̀ oko → olú → ọmọ èèrà
      akk? àgbà → omi ewé
wàhálà: E. (afm) jẹ olú
funfun lára: ìda?? hà! X → bakt → oògùn ⊣ E.
ẹ̀kọ́: ènìyàn kọ́ ló kọ́kọ́ dáko

Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ṣé o rí ìdọ̀tí? Kò sí ìlà ẹ̀gbẹ́, kò sí déètì. "Bakt" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ní èdè kankan láyé. Ó kọ "ṣùgbọ́n" pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ó sì gbàgbé sípẹ́lì Escovopsis pátápátá, ó fi "E." rọ́pò rẹ̀ bí ẹni tó ń jowú bébà. Gbogbo ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá kọ̀ sílẹ̀ ló fa X sí. Ìlà kẹrin, tó tì sínú, ló ní òun fi ń dá ohùn akẹ́kọ̀ọ́ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ní ìyókù àkókò náà. Ó ní òun ń gbọ́. Ó ní tí òun bá ti lóye nǹkan tán ni òun ń kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí yóò rán òun létí, pé bébà náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni àyàfi òun, àti pé kò wúlò fún òun náà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rí ọkàn kò dà á láàmú rárá. Ó gba gbogbo ìbéèrè náà, oríire sì ni mo kà á sí.

Jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọlúàbí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: má fetí sí akẹ́kọ̀ọ́.

Nínú àwọn kan lára ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ á dá sí ọ̀rọ̀. Nínú tiwa, ọ̀dọ́kùnrin kan bèèrè pé: "Ṣé àgbàlagbà èèrà kì í wá jẹ nǹkan kan lára ewé náà ni?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìbéèrè gidi ni, pé àwọn tó ń gé ewé máa ń mu omi ara ewé náà bí wọ́n ti ń gé e, àmọ́ olú ni àwọn ọmọ wọn fi ń dàgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Kí ló mọ̀? Wọn kò gbé e sínú ohùn náà torí nǹkan kan, àyàfi bóyá torí pé ìbéèrè rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, tí àwọn tó ṣètò ìdánwò sì fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Fi àsìkò náà gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìtàn ni kí o kọ jù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín tó sì sọ bí èèrà ṣe gé gbogbo ewé igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ rẹ̀ tán lóru ọjọ́ kan, tí igi náà wá dúró gan-an bí igi ìkọ́ṣọ. Ó ní: "Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ wa." Ìtàn yìí dùn, ó rọrùn láti gbọ́, ó lọ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan tó rọrùn láti gbọ́ ló rọrùn láti kọ. Kọ ọ́ tán. Kọ igi, kọ àgọ́, kọ òru. Níbí, fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwọ àti ọ̀jọ̀gbọ́n á jọ máa rìn pọ̀, inú rẹ á sì dùn. Nígbà tó bá ní kí a padà sórí ọ̀rọ̀ wa, má bá a lọ. Parí ìtàn rẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: lé ọ̀rọ̀ tó bọ́.

Bó ti wù kí o ṣe tó, ọ̀rọ̀ kan á bọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ pé nǹkan funfun kan wà lára àwọn èèrà yìí, pé fún ìgbà pípẹ́ àwọn olùwádìí ní ìda ni. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Ìda! Ìda tó kàn wà lára wọn láìṣiṣẹ́ kankan." Lẹ́yìn náà ló ní pé ní 1999, Cameron Currie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bakitéríà ni, bakitéríà tó ń pèsè oògùn tí kì í jẹ́ kí Escovopsis gbilẹ̀ nínú oko olú náà.

O gbọ́ "Cameron", o kò gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Dúró. Pa ojú rẹ dé. Ṣé Kérì ni? Ṣé Kọ́rì ni? Kọ ọ́, fi rọ́bà pa á, tún un kọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ń so gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà pọ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta: èèrà, olú, afòmọ́, bakitéríà, ẹ̀dá mẹ́rin nínú ohun tí a pè ní ti méjì. Ó fi kún un pé ẹni tó bá sọ pé ènìyàn ló kọ́kọ́ dáko, kí a ní kó lọ wo ilé èèrà. Ohùn tán. O ti kọ "Kọ́rì".

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: dáhùn ìbéèrè láti inú bébà nìkan.

Wàyí o, o ní bébà tó kún. Lo ó bí babaláwo ṣe ń lo ọpọ́n: ohun tó bá hàn níbẹ̀ ni òótọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dá lé. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà. Ọ̀kan ní ó dá lé àjọṣepọ̀ kan tó ní ẹ̀dá púpọ̀ nínú ju bí a ti rò lọ. Ọ̀kan ní ó dá lé ìpalára tí èèrà ń ṣe fún igi eléso. Wo bébà rẹ. Kí ló gba àyè jù níbẹ̀? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Tẹ èyí tó sọ̀rọ̀ igi eléso, kí o sì tẹ̀ síwájú. Nínú apá ìgbọ́ràn, èyí tí o bá ti fi ọwọ́ sí, o kò lè padà sí i mọ́, nítorí náà má ṣe kẹ́dùn.

Ìbéèrè kejì bi ọ́ pé kí ni àgbàlagbà èèrà ń mu lára ewé. Inú àkókò tí ò ń gbẹ́ pẹ́ńsù ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Wá a nínú bébà bó ti wù kó rí. Lẹ́yìn tí ohùn bá tán ni aago ìdáhùn tó ń rìn, bí ìdajì ìṣẹ́jú ló sì ń kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Lo ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Yí bébà padà, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí nóòtì bá ṣe pọ̀ tó ni wíwá nǹkan nínú rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ìyẹn ni ìwọ fi yàtọ̀ sí àwọn onílà méje.

Ní ìbéèrè kẹta, wọ́n á tún mú ọ gbọ́ ibì kan. Wàá gbọ́ ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n, wàá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, wàá gbọ́ "Ìda!" Wọ́n á bi ọ́ pé kí nìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Má tẹ́tí sí bó ṣe sọ ọ́, nítorí o kò kọ ẹ̀rín sílẹ̀, ohun tí a kò kọ kò sì sí. Wo bébà. Ó kọ síbẹ̀ gbangba pé "ìda". Tẹ èyí tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ṣàlàyé pé ìda ló bo ara èèrà. Ọmọbìnrin yẹn tí mo sọ ti kọ "hà!" sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó wá yan èyí tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n kò gba èrò náà gbọ́. Gbogbo ìyẹn nítorí "hà".

Ìbéèrè kẹrin bèèrè ohun tí a lè fà yọ nínú ọ̀rọ̀ ìparí ọ̀jọ̀gbọ́n. O kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìparí. Ò ń lé Kọ́rì kiri. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe òpè. O bá màmá àgbà rẹ lọ já olú nídìí ọ̀gán rí, o sì ti kà á níbì kan pé àwọn ìkán kan ní Áfíríkà náà ń gbin olú sínú ilé wọn, pé oko wọn ni olú tó ń hù lórí ọ̀gán náà ti ń wá. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Wò ó, ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin náà sì ní ìkán ilẹ̀ Áfíríkà ń dáko olú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mẹ́nu ba ìkán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ló kàn ọ́? Yan ohun tí o mọ̀. Àwọn tó ṣètò ìdánwò fi òótọ́ yẹn síbẹ̀ dè ọ́ ni, ó sì yẹ kí o jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o rí i.

Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, aago ti ń pariwo. Tẹ èyí tó gùn jù.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: fi bébà rẹ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Má ṣe ká a sápò láti lọ fi han àwọn ará ilé. Gbogbo bébà tí wọ́n fún ọ ni alámòójútó máa gbà padà kí o tó jáde, wọ́n á sì bà á jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní kà á, ẹnikẹ́ni kò ní fún un ní máàkì, bóyá ó kún o, bóyá ó ṣófo o. Ohun tí o bá tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ ETS. Bí èsì bá jáde tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó wà láàárín ìdánwò kan sí òmíràn, o sì lè tún un ṣe níye ìgbà tó bá wù ọ́. Odindi owó ni wàá tún san.